"Mi Ò Fẹ́ Pa Á": Ibi Tí Mọ́dà ti Yàtọ̀ sí Mansilọ́tà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ ní gbọ̀ngàn ìlú nìyí. Àwọn tí kò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìpàdé kún un.)

 

Gbogbo wa la rí bí gúrúùpù Wọ́tsáàpù wa ṣe gbóná lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ lásìkò ọdún. Ẹjọ́ yẹn ti wà ní kóòtù, mi ò sì ní fẹnu kàn án lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láre, ìdílé méjèèjì náà sì wà lára wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ń kọ lọ́tùn-ún lósì lọ́jọ́ yẹn: "Ọmọ yẹn ò ní in lọ́kàn láti pa á o. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ mọ́dà sí i lọ́rùn?" Bí ẹni kan bá ti kọ ọ́, ẹni mẹ́ta á tẹ àmì ọwọ́ sí i. Bàbá wa kan wá kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, ṣé fún ọ̀ṣọ́ ni? Ẹ dá wa lóhùn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí tí mo fi dúró síwájú yín nìyẹn.

Mi ò tíì di lọ́ọ̀yà o. Ọdún kẹrin ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ lọ́ọ̀yà ka ìwé yìí kí n tó dìde, ó sì tún ibi méjì ṣe fún mi. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé sí ẹnikẹ́ni lóòótọ́, ọ̀dọ̀ lọ́ọ̀yà ni kó lọ, kó má wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èdè wa fúnra rẹ̀ ti ń ṣì wá lọ́nà. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ mọ́dà, a máa ń sọ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á." Bí a bá fẹ́ túmọ̀ mansilọ́tà, a ní "ó ṣèèṣì pa á." Ìtumọ̀ yẹn rọrùn, ó sì bọ́ sí etí dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ẹni tó bá dì í mú, tó rò pé òun ò lè jẹ̀bi mọ́dà níwọ̀n ìgbà tóun ò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n máa lo mọ́dà àti mansilọ́tà bẹ́ẹ̀, kí a má fi "mọ̀ọ́mọ̀" àti "ṣèèṣì" da ara wa láàmú.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa níhìn-ín, èyí tí àwọn lọ́ọ̀yà ń pè ní Kírímínà Kóòdù, sọ ní abala 315 pé ẹni tó bá pa èèyàn lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí ti jẹ̀bi ọ̀kan nínú ohun méjì: mọ́dà tàbí mansilọ́tà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ló máa sọ èyí tó jẹ́. Abala 316 wá to ohun tó ń jẹ́ mọ́dà. Lẹ́yìn náà, abala 317 sọ pé gbogbo ìpànìyàn yòókù tí òfin kò fọwọ́ sí, tí kò sì bọ́ sábẹ́ mọ́dà, mansilọ́tà ni. Ẹ rí i pé mansilọ́tà dà bí àpò tí wọ́n ń kó ìyókù sí. (Nọ́mbà abala lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Èkó, fún àpẹẹrẹ, ní ìwé òfin tirẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Àríwá náà, ìwé mìíràn ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín, wọn kì í sì í pe ẹ̀sùn náà ní mọ́dà. Èyí tí mo ń kà lónìí ni ti ìjọba àpapọ̀, tí ti àwọn ìpínlẹ̀ wa jáde láti inú rẹ̀.)

Abala 316 yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlà mẹ́fà ló ní, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Ìlà kìíní ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: bí ẹni náà bá ní in lọ́kàn láti pa ẹni tó kú, tàbí láti pa ẹlòmíràn, mọ́dà ni. Ìlà kejì ni kí ẹ fi etí sí dáadáa. Ó ní bí ẹni náà bá ní in lọ́kàn láti ṣe ẹni tó kú, tàbí ẹlòmíràn, ní ìpalára ńlá, mọ́dà ni. Kò sọ pé kó fẹ́ pa á. Ìpalára ńlá péré ni. Ìwé òfin náà sì ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ìpalára ńlá: èyí tó lè sọ èèyàn di aláàbọ̀ ara, èyí tó ba ìlera jẹ́ gidigidi tàbí títí ayé, tàbí èyí tó lè bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀, àpá tí kò ní lọ mọ́, ọgbẹ́ tó wọ ẹ̀yà ara inú tàbí ti ìta.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó bá ní "apá rẹ̀ ni mo kàn fẹ́ gé," tí ẹni náà sì kú, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ sínú ìlà kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn tú u palẹ̀. Ẹ má wá ẹni tó jẹ́ o, mo fi orí mi ro ó ni. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Lágbájá àti Làkáṣègbè jọ ta tẹ́tẹ́. Làkáṣègbè jẹ, Lágbájá ò fẹ́ san owó. Ọ̀rọ̀ di ariwo, wọ́n jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ká ní Lágbájá fi ọwọ́ méjèèjì ti Làkáṣègbè láyà. Làkáṣègbè fẹ̀yìn rìn, ó subú, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì gba etí gọ́tà oníkọnkéré. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Títi èèyàn báyẹn kò bófin mu, ìkọlù ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo títi lásán, ó ṣòro láti sọ pé ẹni tó ti èèyàn fẹ́ pa á, tàbí pé ó fẹ́ fọ́ ọ lórí. Ibi tí irú ẹjọ́ báyìí sábà máa ń parí sí ni mansilọ́tà. Lọ́ọ̀yà rẹ̀ tilẹ̀ lè jà pé abala 24 gbà á sílẹ̀ pátápátá. Abala yẹn sọ pé a kì í dá èèyàn lẹ́bi nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá inú òfin ni ohun tí ẹni tó ṣe é kò lérò, tí ẹnikẹ́ni tó gbọ́n níwọ̀nba kò sì lè rí bọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìjà létí gọ́tà, iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn lọ́ọ̀yà rẹ̀ kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kí adájọ́ gbà.

Ká wá yí i díẹ̀. Lágbájá kò tì í. Ó fọ́ ìgò bíà mọ́ ògiri, ó gún Làkáṣègbè ní ikùn lẹ́ẹ̀mejì. Lágbájá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òun gan-an ló wá ọ̀kadà tó gbé e lọ sí ọsibítù. Òótọ́ ni ẹkún rẹ̀, mi ò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ìgò fífọ́ tí èèyàn gún ẹlòmíràn ní ikùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ni ẹni tó gún un fẹ́ kó ṣe fún un? Bí kò bá fẹ́ pa á, ó fẹ́ ṣe é léṣe, ọṣẹ́ náà kò sì lè kéré. Mọ́dà nìyẹn.

Ká tún yí i. Lágbájá gbé àdá. Kò ṣá a lórí, kò ṣá a lọ́rùn. Ó ní òun mọ ohun tóun ń ṣe, itan ló dojú kọ, kí ó kàn máa tiro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àdá gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú itan kọjá, ẹ̀jẹ̀ sì dà tán. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá mi jiyàn jù. "Itan kẹ̀? Ṣé itan náà ń pa èèyàn ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pa èèyàn, kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè òfin ni pé: ṣé o fẹ́ ṣe é ní ìpalára ńlá? Ẹni tó bá fi àdá gé ẹran ara èèyàn, kó sọ fún wa irú ìpalára kékeré tó ń wá.

Ká tilẹ̀ ní Làkáṣègbè yẹ ọ̀bẹ, ó sì lọ bá ọmọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò ó, ẹni tí Lágbájá kò bá jà rí. Ìwé òfin ti rí ìyẹn tẹ́lẹ̀: ó ní ẹni tó kú "tàbí ẹlòmíràn." Èrò tó ní sí Làkáṣègbè máa bá ọ̀bẹ lọ sára ọmọ yẹn. Wíwí pé "kì í ṣe òun ni mo fẹ́ gún" kò ní gbà á sílẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, báwo ni adájọ́ ṣe ń mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn? Àwọn bàbá wa sọ pé inú ọ̀rẹ́ jìn. Kò sí adájọ́ tó lè la àyà ẹnikẹ́ni wò. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń wo ohun tí ọwọ́ ṣe, kí wọ́n fi mọ ohun tí ọkàn rò. Wọ́n á béèrè ohun ìjà tó lò: ṣé ọwọ́ lásán ni, ṣé pàṣán ni, ṣé àdá ni? Wọ́n á béèrè ibi tó fi kan lára: èjìká kò dà bí ọrùn. Wọ́n á béèrè iye ìgbà àti bó ṣe le tó. Dókítà tó yẹ òkú wò á wá jẹ́rìí, á sọ bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó àti ohun tó fà ikú gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ohun tó sọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. "Màá fi hàn ọ́ lónìí" tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta gbọ́, tàbí fóònù tí wọ́n bá fáwélì ohùn nínú rẹ̀, ó lè wúwo ju ọ̀bẹ lọ.

Ibì kan tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ̀dọ́ kan dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kó kọ ìwé ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà á, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kì í ṣe apààyàn. Ó wá kọ ọ́ pé: "Mi ò fẹ́ pa á, mo kàn fẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ mí." Lójú tirẹ̀, ó ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Lójú ẹni tó mọ abala 316, ó ti fọwọ́ sí ìlà kejì. "Kíkọ́ lọ́gbọ́n" pẹ̀lú àdá kò ní ìtumọ̀ méjì. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni parọ́ o, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 lórí bí a ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn fàyè gbà á pé kí ẹni tí wọ́n mú kọ ìwé yẹn lójú lọ́ọ̀yà rẹ̀. Bí kò bá ní lọ́ọ̀yà, ó lè jẹ́ lójú òṣìṣẹ́ àjọ ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba, ìyẹn Lígà Éèdì, tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ti ṣe irú òfin yìí tiwọn. Kí ó sọ pé òun fẹ́ dúró de lọ́ọ̀yà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ hàn yín bí èrò ọkàn nìkan ṣe lè yí ẹ̀sùn padà. Kò ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, South Africa ni, òfin wọn kò sì rí bákan náà gan-an pẹ̀lú tiwa. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ ẹni náà: Oscar Pistorius, sáré-sáré tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2013, nínú ilé rẹ̀ ní Pretoria, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tì pa. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Reeva Steenkamp, ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì kú. Ó ní òun rò pé olè ni, pé òun rò pé orí ibùsùn ni Reeva wà.

Ọdún 2014 ni Adájọ́ Thokozile Masipa dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní kò hàn sí òun pé ọkùnrin yìí rí i bọ̀ pé òun máa pa ẹni tó wà níbẹ̀, nítorí ó rò pé orí ibùsùn ni Reeva wà. Ó wá dá a lẹ́bi ohun tó jọ mansilọ́tà wa, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Bloemfontein yí i padà sí mọ́dà. Wọ́n ní ìbéèrè tí adájọ́ àkọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kò tọ̀nà. Orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó mọ̀ pé èèyàn kan wà níbẹ̀, inú yàrá tóóró tí kò sí ibi tí ẹni náà lè sá sí, ó sì yin ọta mẹ́rin sí i. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti rí ikú bọ̀, ó sì tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará mi: ọta mẹ́rin kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, òkú kan náà. Kò sí ẹlẹ́rìí tuntun kankan. Bí wọ́n ṣe ka ọkàn rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ̀wọ̀n náà sì ga sí i lẹ́yìn náà, títí tó fi di ọdún mẹ́tàlá àti oṣù márùn-ún ní 2017. Wọ́n tú u sílẹ̀ lábẹ́ àyẹ̀wò ní oṣù kìíní ọdún 2024. South Africa ti fagi lé ìdájọ́ ikú, ìdí tí ó fi wà láàyè nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Abala 319 ní ikú ni ìyà mọ́dà, adájọ́ kò sì ní ohun mìíràn tó lè mú nínú àwo bí ó bá ti dá àgbàlagbà lẹ́bi rẹ̀. Mansilọ́tà, ní abala 325, ẹ̀wọ̀n gbére ló ga jù, ṣùgbọ́n adájọ́ lè dín in kù, ó sì máa ń wo ọ̀rọ̀ wò. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀sùn méjèèjì nìyẹn. Ó tún kan bélì pẹ̀lú: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn mọ́dà kàn, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fún un ní bélì, kì í sì í fún un bí kò ṣe pé ìdí pàtàkì kan wà. Ìyẹn ni àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ fi máa ń pẹ́ lẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá wọ́n jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Bí wọ́n bá múni bínú ńkọ́?" Òfin mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń gbóná. Abala 318 sọ pé bí ẹnìkan bá pa èèyàn ní ọ̀nà tí ìbá fi jẹ́ mọ́dà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ nínú ìgbóná ọkàn, nítorí ìmúnibínú ńlá tó dé lójijì, kí ọkàn rẹ̀ tó ráàyè tutù, mansilọ́tà ni yóò jẹ̀bi. Ẹ rí i pé níbí, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó fẹ́ pa á lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀sùn á rẹ̀ sílẹ̀. Èyí náà fi hàn pé "mọ̀ọ́mọ̀" àti "ṣèèṣì" kò tó láti fi ya méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yẹn tóóró. Ìmúnibínú náà gbọ́dọ̀ tóbi tó láti mú kí ẹni tó dà bíi tirẹ̀, irú ẹni tí a lè bá pàdé ládùúgbò, sọ ìjánu nù. Ó gbọ́dọ̀ dé lójijì. Ohun tó sì fi dáhùn gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n ṣe sí i mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti sọ ìyẹn nínú ẹjọ́ Obaji lọ́dún 1965. Èébú kò ṣeé fi ìbọn dáhùn. Èyí tó ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ jù ni àkókò. Ká padà sọ́dọ̀ Lágbájá. Ká ní Làkáṣègbè gbá a létí níwájú àwọn ọmọbìnrin, gbogbo ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ ló gbá a padà, lọ́ọ̀yà rẹ̀ ní ohun tó lè sọ. Ṣùgbọ́n Lágbájá gbé ọ̀kadà, ó lọ sílé, ó wá àdá lábẹ́ ibùsùn, ó padà wá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba máa gbé sókè ní kóòtù. Wọ́n á bi í ní iye àgbélébùú ọ̀nà tó kọjá, àti bóyá ó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí ó bá dáhùn pé òun dúró ra epo sí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ìgbóná ọkàn ti parí nìyẹn.

Ó ku àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìpàdé.

Ìyá wa kan béèrè pé, bí ẹni tí wọ́n gún kò bá kú lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni, ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n ti ní ara rẹ̀ ń yá? Ẹ̀sùn máa yí padà ni. Ẹni tí wọ́n ti kọ ẹ̀sùn ìṣeniléṣe sí lọ́rùn, bóyá tó tilẹ̀ ti gba bélì, wọ́n lè padà wá mú un fún mọ́dà. Ìwé òfin ní ikú náà gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan. Wíwí pé dókítà ni kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa kì í sábà gbani: bí ìtọ́jú náà bá bójú mu, tí wọ́n sì fi inú kan ṣe é, ẹni tó dá ọgbẹ́ náà ni òfin kà sí ẹni tó pa á.

Ọ̀rẹ́ mi kan béèrè ti àwọn tó tẹ̀ lé e lọ. Ó ní, "Bí mo bá kàn bá wọn lọ ńkọ́, tí n kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni?" Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá jọ pinnu láti lọ lu ẹnìkan, tí ọ̀kan nínú yín sì pa á, abala 8 sọ pé bí ikú náà bá jẹ́ ohun tó lè tìdí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jáde, ó lè kan gbogbo yín. Bí ẹ bá jọ gbé àdá mẹ́rin lọ, tí ẹ rí ti ara yín, ta ló máa sọ pé òun ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn? Ẹni tó bá wọn lọ láìmọ̀ pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè sọ, kóòtù á sì gbọ́ ọ. Ti pé ó mutí yó, tí ẹlòmíràn fi kún un, kì í sábà gbani gẹ́gẹ́ bí àwáwí. Ó ṣeé ṣe kí adájọ́ wò ó nígbà tó bá ń wádìí bóyá ẹni náà lè ní èrò kankan lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà dé ibi tí àdá wà, a ò lè tètè gbà pé ọtí ti gba gbogbo orí rẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ọ̀dọ̀ bàbá wa tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lórí gúrúùpù. Wọ́n ní, bí àwọn àgbà bá ti bá ìdílé olóògbé sọ̀rọ̀, tí wọ́n gba ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá pé àwọn ti fa ẹjọ́ yọ, ṣé kò parí ni? Mo fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni fún wọn, mi ò lè sọ ọ́. Kì í ṣe ìdílé olóògbé ló ń pe ẹjọ́ náà. Ìpínlẹ̀ ló ń pè é. Ọlọ́pàá máa kó fáìlì lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, níbi tí ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Dí-Pí-Pí wà. Wọ́n á ka fáìlì, wọ́n á sì kọ ìmọ̀ràn: mọ́dà ni, mansilọ́tà ni, tàbí kò sí ẹjọ́ tó ṣeé dá. Níbẹ̀ ni ẹ̀sùn ti ń gba orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé kóòtù májísíréètì ní kí wọ́n fi ẹnìkan sí àhámọ́ fún mọ́dà "títí ìmọ̀ràn yóò fi dé," ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n ń dúró dè. Kóòtù májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ mọ́dà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ṣáájú ìmọ̀ràn yẹn ni lọ́ọ̀yà ti wúlò jù, kó lè kọ̀wé sí Dí-Pí-Pí pé, ẹ wo ohun tí dókítà kọ, ẹ wo irú ohun ìjà, ẹ wo ohun tó ṣáájú. Bí mọ́dà bá sì dé kóòtù gíga, adájọ́ ṣì lè gbọ́ ẹ̀rí tán kó ní mọ́dà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, mansilọ́tà ló jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn àgbà bẹ̀ ṣì ní ibi tó wúlò: bó bá jẹ́ mansilọ́tà, adájọ́ lè gbọ́ ọ nígbà tó bá fẹ́ wọn ìyà. Lórí mọ́dà, kò sí ohun tó máa wọ̀n.

Ìdílé tí kò lówó lọ́ọ̀yà, mọ́dà àti mansilọ́tà wà lára ẹjọ́ tí Lígà Éèdì lè gbà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tètè lọ, kó mú nọ́mbà fáìlì ọlọ́pàá dání àti orúkọ àgọ́ tí wọ́n ti mú un. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti yan àwa méjì láti máa bá ìdílé tó bá nílò rẹ̀ lọ, ẹ fi ìpè sí mi lórí gúrúùpù.